Ìdí Tí A Fi Ń Kọ Owó Kan Sílẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ jẹ́ ká mú aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó kó ₦400,000 tirẹ̀ kalẹ̀, ó sì yá ₦200,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, ₦600,000 ló wà nínú àpótí rẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, ó ka owó, ó bá ₦355,000. Ọjà tà lóṣù náà, kò sì sẹ́ni tó jà á lólè, síbẹ̀ ₦245,000 kò sí nílẹ̀ mọ́. Ṣé ó jèrè ni, àbí ó jẹ gbèsè? Bó bá jẹ́ pé owó tó wọlé àti owó tó jáde nìkan ló ń kọ sínú ìwé rẹ̀, kò ní lè dáhùn. Ìwé náà á sọ fún un pé owó dín kù, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohun tí owó náà dà.

Ìlànà tó ń dáhùn ìbéèrè yìí ti wà tipẹ́. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ítálì ló kọ́kọ́ mú un dàgbà; ìwé owó ìjọba ìlú Jẹ́nóà ti ọdún 1340, tí wọ́n fi ìlànà náà kọ, ṣì wà títí dòní. Lọ́dún 1494, oníṣirò kan tó tún jẹ́ àlùfáà, Luca Pacioli, tẹ ìwé ńlá kan jáde nílùú Fẹ́níìsì lórí ìmọ̀ ìṣirò, ó sì ya apá kan níbẹ̀ sọ́tọ̀ láti ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ìlú náà ṣe ń ṣe ìwé wọn. Òun kọ́ ló dá ìlànà náà sílẹ̀, ohun tó bá lọ́wọ́ wọn ló kọ. Bí báńkì ńlá ṣe ń ṣe ìwé lónìí kò kúrò lórí ohun tí ìwé yẹn sọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní ìwé onílà kan àti bírò lè ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìlànà náà kò gùn. Owó tó bá dé ibì kan, ó níbi tó ti wá. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí owó òwò wa, ojú ìwé méjì la ó kọ ọ́ sí: a ó kọ ọ́ síbi tó dé, a ó sì tún kọ ọ́ síbi tó ti wá, iye kan náà gan-an. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìyẹsẹ̀, àròpọ̀ gbogbo ibi tí owó dé kò lè ṣàì bá àròpọ̀ gbogbo ibi tó ti wá dọ́gba. Ibi tí ìdọ́gba ìwé ti ń wá nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń fi ọgbọ́n mú un dọ́gba nígbẹ̀yìn oṣù. Ọ̀nà tí a gbà ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ ló ti mú un dọ́gba.

Láti lè ṣe èyí, ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú ìwé tirẹ̀, èyí tí àwọn oníṣirò ń pè ní àkáǹtì. Owó inú àpótí ní tirẹ̀, ọjà ní tirẹ̀, owó tí àwọn oníbàárà jẹ wá ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yáwó, owó ṣọ́ọ̀bù, títà àti ìyókù. Ẹ fa ìlà kan sí àárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apá òsì ni à ń pè ní dẹ́bíìtì, apá ọ̀tún sì ni kírẹ́díìtì. Ibi tí owó dé, apá òsì la ń kọ ọ́ sí. Ibi tó ti wá, apá ọ̀tún ni.

Ibí yìí ló ti máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò, báńkì ló sì ń fà á. Bí owó bá wọ àkáǹtì yín, àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín á sọ pé kírẹ́díìtì ni. Nínú ìwé tiyín, owó yẹn kan náà, dẹ́bíìtì ni, nítorí ọ̀dọ̀ yín ló dé. Kò sí èyí tó purọ́ nínú méjèèjì. Ìwé tirẹ̀ ni báńkì ń kà sí yín létí: nínú ìwé báńkì, owó yín jẹ́ gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, apá ọ̀tún sì ni gbèsè máa ń wà. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kọ ìwé yín. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì péré: níbo ni owó yìí dé, níbo ló sì ti wá?

Ó yẹ ká tún mọ ibi tí oríṣi ojú ìwé kọ̀ọ̀kan máa ń tẹ̀ sí. Ohun tó jẹ́ tiwa, bí owó, ọjà àti owó tí àwọn èèyàn jẹ wá, apá òsì ló ti ń pọ̀ sí i, apá ọ̀tún ló sì ti ń dín kù. Ìnáwó náà, apá òsì ni, nítorí ọ̀kan lára ibi tí owó máa ń dé ni. Gbèsè tó wà lọ́rùn wa, ojú owó tí a fi dá òwò sílẹ̀ àti owó ọjà tí a tà, ibi tí owó ti ń wá ni wọ́n. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i.

Ó dáa, ká padà sọ́dọ̀ aláṣọ wa, ká fi ìlànà yìí kọ oṣù kan tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, ₦400,000 dé inú àpótí, láti ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí apá òsì ojú ìwé Owó, ó sì kọ ọ́ sí apá ọ̀tún ojú ìwé Ojú Owó. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí èèyàn fi máa kọ owó ara rẹ̀ síbi tí gbèsè ń wà. Ìdí rẹ̀ ni pé òwò yàtọ̀ sí olówò. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ìwé yìí ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà sì jẹ ẹni tó dá a sílẹ̀ ní ₦400,000. Ẹni tí kò bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò lè mọ ohun tí ṣọ́ọ̀bù náà ń pa fún un. Ẹ̀yáwó ₦200,000 náà wọ ìwé bákan náà: Owó lápá òsì, Ẹ̀yáwó lápá ọ̀tún.

Ó wá ra aṣọ ₦480,000. Ó san ₦360,000 lójú ẹsẹ̀, ó sì gba aṣọ ₦120,000 láwìn. Aṣọ ₦480,000 dé sínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà apá òsì ojú ìwé Ọjà gba ₦480,000. Ibi méjì ni iye yẹn ti wá: ₦360,000 láti inú àpótí, apá ọ̀tún ojú ìwé Owó, ₦120,000 láti ọwọ́ ẹni tó tajà fún un, apá ọ̀tún ojú ìwé Àwọn Tí Mo Jẹ. Ẹ rí i pé òsì gba ẹyọ kan, ọ̀tún gba méjì, ṣùgbọ́n iye ṣì dọ́gba. Ìlànà kò sọ pé ojú ìwé méjì péré ni ká kàn. Ohun tó sọ ni pé iye apá òsì gbọ́dọ̀ bá iye apá ọ̀tún mu.

Ibi tó nílò sùúrù jù ni títà. Lóṣù náà ó ta aṣọ tó rà ní ₦200,000, ó tà á ní ₦290,000. Wọ́n san ₦210,000 fún un lọ́wọ́, wọ́n sì jẹ ₦80,000. Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní, owó wọlé: Owó lápá òsì ₦210,000, Àwọn Tó Jẹ Mí lápá òsì ₦80,000, Títà lápá ọ̀tún ₦290,000. Èkejì, aṣọ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọjà dín kù ní ₦200,000, iye tó rà á, a ó kọ ìyẹn sí apá ọ̀tún ojú ìwé Ọjà. Ibi tí iye yẹn dé sì ni ojú ìwé tí a ń pè ní Iye Ọjà Tó Tà, lápá òsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ èkíní, wọ́n á sì fi èkejì sílẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa rò pé gbogbo owó tó gbà lọ́wọ́ oníbàárà ni èrè òun, aṣọ tó ti tà á sì ṣì máa wà nínú ìwé rẹ̀ bí ẹni pé ó wà lórí pẹpẹ.

Àwọn yòókù yá. Ó san ₦30,000 fún owó ṣọ́ọ̀bù: Owó Ṣọ́ọ̀bù lápá òsì, Owó lápá ọ̀tún. Ó mú ₦20,000 nínú àpótí san owó ilé ìwé ọmọ. Ìyẹn kì í ṣe ìnáwó ṣọ́ọ̀bù, ohun tí olówò mú lò ni. Ó kọ ọ́ sí apá òsì ojú ìwé Ohun Tí Mo Mú Lò, ó sì kọ ọ́ sí apá ọ̀tún ojú ìwé Owó. Àwọn tó jẹ ẹ́ san ₦50,000: Owó lápá òsì, Àwọn Tó Jẹ Mí lápá ọ̀tún. Ẹ ṣàkíyèsí pé Títà kò kópa nínú èyí rárá. A ti kọ títà náà lọ́jọ́ tí aṣọ jáde. Gbèsè ló kàn di owó. Òun náà san ₦70,000 fún ẹni tó tajà fún un: Àwọn Tí Mo Jẹ lápá òsì, Owó lápá ọ̀tún.

Níparí oṣù, ó lọ san ₦25,000 fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nínú rẹ̀, ₦20,000 jẹ́ owó tó yá, ₦5,000 sì jẹ́ èlé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn kọ gbogbo ₦25,000 náà sí ìnáwó. Gbèsè tí a dá padà kì í ṣe ìnáwó, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó tí a gbà kì í ṣe èrè. Èlé nìkan ni ìnáwó. Nítorí náà, Ẹ̀yáwó lápá òsì ₦20,000, Èlé lápá òsì ₦5,000, Owó lápá ọ̀tún ₦25,000.

Lẹ́yìn èyí, ó mú ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ro apá òsì pọ̀, ó ro apá ọ̀tún pọ̀, ó yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀. Ojú ìwé Owó, fún àpẹẹrẹ, ní ₦860,000 lápá òsì àti ₦505,000 lápá ọ̀tún. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦355,000, ìyẹn gan-an ló bá nínú àpótí. Ó wá to gbogbo àṣẹ́kù náà sórí ewé kan:

| Àkáǹtì | Òsì (₦) | Ọ̀tún (₦) |
|---|---|---|
| Owó | 355,000 | |
| Àwọn Tó Jẹ Mí | 30,000 | |
| Ọjà | 280,000 | |
| Iye Ọjà Tó Tà | 200,000 | |
| Owó Ṣọ́ọ̀bù | 30,000 | |
| Èlé | 5,000 | |
| Ohun Tí Mo Mú Lò | 20,000 | |
| Ojú Owó | | 400,000 |
| Ẹ̀yáwó | | 180,000 |
| Àwọn Tí Mo Jẹ | | 50,000 |
| Títà | | 290,000 |
| Àròpọ̀ | 920,000 | 920,000 |

Apá méjèèjì dọ́gba. A lè wá dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Títà jẹ́ ₦290,000. Ẹ yọ iye ọjà tó tà, ₦200,000, ẹ yọ owó ṣọ́ọ̀bù, ₦30,000, ẹ yọ èlé, ₦5,000. Ó ku ₦55,000, èrè rẹ̀ nìyẹn. Owó inú àpótí fi ₦245,000 dín kù, síbẹ̀ ó jèrè. Ohun tí owó náà dà ti hàn kedere: àwọn kan wà lórí pẹpẹ bí aṣọ, àwọn kan wà lọ́wọ́ oníbàárà, ó fi àwọn kan san gbèsè, ọmọ sì fi díẹ̀ lọ sílé ìwé.

Ọ̀nà kejì tún wà láti fi yẹ èrè yẹn wò, ọ̀nà yìí sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìlànà náà. Ẹ gbé títà àti ìnáwó tì, ẹ wo ohun tó ní nìkan: owó ₦355,000, ọjà ₦280,000 àti owó tí wọ́n jẹ ẹ́, ₦30,000, àpapọ̀ wọn ₦665,000. Gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ ₦180,000 àti ₦50,000, àpapọ̀ ₦230,000. Bí a bá yọ gbèsè, ó ku ₦435,000 tó jẹ́ tirẹ̀. ₦400,000 ló fi bẹ̀rẹ̀. Èrè ₦55,000 kún un, ó mú ₦20,000 kúrò nínú rẹ̀, ₦435,000 náà ló kù. Ọ̀nà méjì tí kò jọra já sí ibì kan náà. Bí alájẹṣẹ́kù tàbí báńkì bá ní kó wá ṣàlàyé òwò rẹ̀ kí wọ́n tó yá a lówó sí i, ìṣirò méjì yìí ni yóò gbé síwájú wọn.

Kí ni ká ṣe bí apá méjèèjì kò bá dọ́gba? Ẹ má ṣe fa ìwé ya, ẹ má sì ṣe wá iye kan fi dí àlàfo náà. Ẹ wo iye tí ìyàtọ̀ náà jẹ́, nítorí ó sábà máa ń tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà. Ká ní aláṣọ wa gbé ₦20,000 owó ilé ìwé sí apá ọ̀tún nígbà tó ń to ewé rẹ̀. Apá òsì á di ₦900,000, apá ọ̀tún á di ₦940,000, ìyàtọ̀ wọn á jẹ́ ₦40,000. Ẹ pín in sí méjì: ₦20,000. Iye tí ẹ ní láti wá kiri nìyẹn, èyí tó bọ́ sí apá òdìkejì. Bí ìdajì ìyàtọ̀ kò bá sí nínú ìwé, ẹ fi 9 pín ìyàtọ̀ náà. Bó bá pín láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà méjì ló pààrọ̀ ipò. Ẹni tó kọ 535,000 dípò 355,000 á rí ìyàtọ̀ 180,000, èyí tí 9 pín sí 20,000 gééré. Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà tó bá sún síwájú ní ipò kan di ìlọ́po mẹ́wàá ara rẹ̀, ohun tó sì fi pọ̀ sí i jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án. Èyí tó sún sẹ́yìn sì dín kù ní ìwọ̀n kan náà. Bí kò bá sí nínú méjèèjì, ẹ wá iye tó dọ́gba pẹ̀lú ìyàtọ̀ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé ẹ kọ ọ́ sójú ìwé kan, ẹ gbàgbé èkejì.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ìwé tó dọ́gba kò lè ní àṣìṣe. Ohun kan ṣoṣo ni ìdọ́gba ń jẹ́rìí sí: pé ohun tí a kọ sí òsì bá ohun tí a kọ sí ọ̀tún mu. Kò lè jẹ́rìí pé a kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, tàbí pé a kọ ọ́ síbi tó tọ́. Bí ọmọṣẹ́ bá ta aṣọ kan, tó fi owó rẹ̀ sápò, tí kò kọ nǹkan kan, òsì kò gba nǹkan, ọ̀tún kò gba nǹkan, ìwé á dọ́gba. Bí aláṣọ wa bá kọ owó ilé ìwé ọmọ mọ́ owó ṣọ́ọ̀bù, àròpọ̀ á ṣì jẹ́ ₦920,000, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ á di ₦35,000, á sì máa rò pé ṣọ́ọ̀bù ń jẹ owó ju bó ṣe ń jẹ lọ. Bó bá yí ₦50,000 tí àwọn onígbèsè san padà lódì, tó kọ ọ́ bí ẹni pé òun ló fún wọn lówó, Owó á di ₦255,000, Àwọn Tó Jẹ Mí á di ₦130,000, ìwé á sì tún dọ́gba ní ₦920,000.

Ohun tó ń tú púpọ̀ nínú irú àwọn àṣìṣe wọ̀nyí síta kò sí nínú ìwé. Nínú ṣọ́ọ̀bù ló wà. Ẹ ka owó àpótí, kẹ́ ẹ fi wé ojú ìwé Owó. Nínú àpẹẹrẹ tó kẹ́yìn yẹn, ₦355,000 ló máa bá nínú àpótí, ìwé sì ní ₦255,000: ìyàtọ̀ ₦100,000, ìlọ́po méjì ₦50,000 tó yí padà. Ẹ ka aṣọ orí pẹpẹ, kẹ́ ẹ fi iye tí ẹ rà á ṣírò rẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ bá ti mú aṣọ tà láìkọ, aṣọ tó kù kò ní tó ₦280,000 tí ìwé sọ. Ẹ gba ìwé àkáǹtì lọ́wọ́ báńkì, kẹ́ ẹ fi wé tiyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn tó jẹ yín bá pọ̀, ẹ ya ojú ìwé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí bí a bá kọ owó tí ẹnìkan san sí orúkọ ẹlòmíràn, ìdọ́gba kò ní mọ̀, ẹni tí ẹ bá lọ sin lówó lẹ́yìn tó ti san ló máa sọ fún yín. Bí onígbèsè kan bá sì ti sá lọ pátápátá, ẹ má ṣe fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa ṣe bí owó. Ẹ kọ iye náà sí apá ọ̀tún ojú ìwé rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sí apá òsì ojú ìwé kan tí ẹ pè ní Gbèsè Tó Bọ́ Sọ́nù. Á dín èrè kù, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ẹni tó ti ń tajà fún ọdún púpọ̀ láìní irú ìwé yìí lè bẹ̀rẹ̀ láìwá ohun tó ti kọjá kiri. Ẹ mú ọjọ́ kan, ọjọ́ kìíní oṣù ló rọrùn jù. Ẹ ka owó ọwọ́ àti ti báńkì, ẹ ka ọjà ní iye tí ẹ rà á, kì í ṣe iye tí ẹ fẹ́ tà á, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ yín. Ẹ fi kún un iye pẹpẹ, ẹ̀rọ amúnáwá tàbí ohunkóhun mìíràn tí ṣọ́ọ̀bù ní. Gbogbo ìyẹn bọ́ sí apá òsì ojú ìwé wọn. Ẹ kọ gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn yín sí apá ọ̀tún tiwọn. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín méjèèjì ni ojú owó yín, ẹ kọ ọ́ sí apá ọ̀tún, ìwé á sì dọ́gba lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ má ṣe kọ iye kankan sójú ìwé kan kẹ́ ẹ sì pa ìwé dé láì tíì kọ ọ́ sí èkejì.